Ètò àròkọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: Okonkwo àti ẹ̀rù

Kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé, Kubwa, Àbújá.
Ìwé tí a yàn: Ìgbésí Ayé Okonkwo, ìtumọ̀ tí Wálé Ògúnyẹmí ṣe fún Things Fall Apart, ìwé tí Chinua Achebe kọ jáde ní 1958.
Ìbéèrè: “Ẹ̀rù ni ọ̀gá Okonkwo.” Ṣé òótọ́ ni? Fi ẹ̀rí láti inú ìwé ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí èmi fúnra mi yóò ṣe ṣètò àròkọ yìí bí wọ́n bá gbé ìbéèrè náà síwájú mi nìyí. Nínú iṣẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìtàn ni ọ̀pọ̀ yín ń sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń máàkì ti ka ìtàn náà. Ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni màá fi ronú, ogún ni màá fi kọ ọ́, mẹ́rin ni màá fi kà á padà.

Ìṣẹ́jú kìíní. Mo fa ilà sábẹ́ “ẹ̀rù” àti “ọ̀gá”. Wọn ò bi mí bóyá ẹ̀rù máa ń ba Okonkwo. Ta ni ẹ̀rù kì í bà? Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ̀rù ló ń pàṣẹ fún un. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: ẹ̀rù kí ni?

Ìṣẹ́jú kejì àti ìkẹta. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ló ń darí Okonkwo.” Mo wò ó, mo rí i pé ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ kan bì í ṣubú. Ṣebí ọkùnrin yìí ló da Amalinze, ajìjàkadì tí ẹnikẹ́ni ò dá fún ọdún méje? Ṣebí ó ti gé orí ènìyàn bọ̀ láti ojú ogun? Ní Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà ńkọ́, tí ó ń lu Ojiugo ìyàwó rẹ̀, tí àwọn ìyàwó rẹ̀ yòókù ń rán an létí pé ọ̀sẹ̀ mímọ́ ni, tí kò sì dáwọ́ dúró? Àwòrò òrìṣà ilẹ̀ ló wá bu ìtanràn lé e lórí. Èyí kì í ṣe ìwà ẹni tí ẹ̀rù òrìṣà ń bà.

N kò ní sá fún àwọn ẹ̀rí yìí o. Àwọn gan-an ni yóò tún gbólóhùn mi ṣe. Mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ èyí:

“Okonkwo kò bẹ̀rù ogun, kò sì bẹ̀rù òrìṣà, ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù ni kí ayé rí Unoka bàbá rẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀rù yìí ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, òun náà ló sì gba ọmọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ẹ wo bí gbólóhùn yìí ti pín àròkọ fún mi: ọrọ̀, ọmọ kan, ọmọ kejì. Ìpínrọ̀ mẹ́ta. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn yóò rí ibi tí yóò ti jà mí.

Ìṣẹ́jú kẹrin sí ìkẹfà ni màá fi kó ẹ̀rí jọ. Ọ̀rọ̀ ṣókí-ṣókí ni, kì í ṣe gbólóhùn odindi:

Ìpínrọ̀ 1, ọrọ̀. Unoka: ilà gbèsè lára ògiri, ó ń fi Okoye tó wá sin owó rẹ́rìn-ín. Kò fi abà sílẹ̀ fún ọmọ. Okonkwo lọ sọ́dọ̀ Nwakibie, ó gba 800 èbù iṣu. Ọ̀dá, lẹ́yìn náà òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Kò juwọ́ sílẹ̀.

Ìpínrọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi hàn pé ẹ̀rù náà so èso rere nígbà kan, kí ó má baà dà bí ẹni pé mo kàn ń bú Okonkwo.

Ìpínrọ̀ 2, Ikemefuna, ọmọ ìlú mìíràn tí wọ́n fi sọ́dọ̀ Okonkwo, tí òrìṣà wá pàṣẹ pé kí wọ́n pa. Ibí ni màá dúró sí jù. Ọdún mẹ́ta nínú ilé. Ó ń pè é ní bàbá. Ezeudu: má lọ́wọ́ sí i. Ìkòkò ẹmu fọ́. Ó sáré sọ́dọ̀ Okonkwo. Àdá. Obierika kò lọ.

Ọ̀pọ̀ yín kọ ọ́ pé, “Okonkwo pa Ikemefuna torí ẹ̀rù ń bà á,” ẹ sì kọjá lọ. Mo kọ “To, sai me?” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún yín, ìyẹn “Ó dáa, kí ló wá tẹ̀ lé e?” ní èdè Hausa, ohun tí àwọn mẹ́kánníìkì ìdí ọ̀nà wa ń bi ara wọn látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rí náà wà ńlẹ̀. Àlàyé ni kò sí. Bí màá ṣe kọ ọ́ nìyí:

“Ezeudu, àgbà tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, kìlọ̀ fún Okonkwo kí ó má lọ́wọ́ sí ikú ọmọ náà, nítorí pé ọmọ náà ń pè é ní bàbá. Nítorí náà kò sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n ṣá Ikemefuna, tí ìkòkò orí rẹ̀ já lulẹ̀, ọ̀dọ̀ Okonkwo ló sáré tọ̀. Okonkwo sì ṣá a balẹ̀, torí kò fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ rí i bí ọ̀lẹ. Àṣẹ òrìṣà kò sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni kó pa á, ó lè dúró sílé bíi Obierika ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè ní ojo.”

Obierika ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rí wọ̀nyí, òun ni ẹ sì máa ń gbàgbé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àṣà ìlú ló fipá mú Okonkwo, Obierika ni yóò dá a lóhùn: ìlú kan náà, òrìṣà kan náà, ìwà ọ̀tọ̀.

Ìpínrọ̀ 3, Nwoye, àkọ́bí Okonkwo. Ohun kan já nínú rẹ̀ ní alẹ́ ikú Ikemefuna. Orin àwọn oníhìnrere ní Mbanta. Okonkwo fún un lọ́rùn. Ó lọ, kò padà. Okonkwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná: iná bí eérú.

Ìsopọ̀ ló ṣe pàtàkì níbí. Ìjákulẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà ló ṣí ilẹ̀kùn fún orin náà. Okonkwo lù ú kí ó má baà dà bíi Unoka. Lílù yẹn ló lé e lọ.

Ohun tí mo fi sílẹ̀: ìbọn tó bú lọ́wọ́ rẹ̀ níbi ìsìnkú Ezeudu tó pa ọmọkùnrin olóògbé náà. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ibẹ̀, ó ń dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n ìjàǹbá ni, kì í ṣe ẹ̀rù, bí mo bá mú un wọlé yóò fa okùn mi já. Bíbẹ́ orí ońṣẹ́ òyìnbó náà, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ìbínú àti ìtìjú ìlú wà nínú rẹ̀, ogún ìṣẹ́jú kò sì tó láti tú wọn.

Ìparí, gbólóhùn méjì péré: “Unoka kú láìní oyè, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò sá fún un. Okonkwo ní oyè, àkọ́bí rẹ̀ sì sá fún un.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kẹ́yìn: àmì ohùn, orúkọ ènìyàn (Nwoye ni, kì í ṣe “Woye”), kí n sì wò ó bóyá “ẹ̀rù” tàbí “Unoka” fara hàn nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá sí nínú rẹ̀, màá fi gbólóhùn kan kún un.

Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò wá. Ìbéèrè yín: “Obierika ni ojú tí òǹkọ̀wé fi ń wo Okonkwo.” Ètò nìkan ni mo fẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà, aago ògiri ni a ó fi kà á.