Àlàyé lórí Ìwé Owó Oṣù Yín Àkọ́kọ́

Ìkẹjà, Èkó
31 Oṣù Kẹta, 2026

Arábìnrin Fúnmiláyọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú oríire oṣù àkọ́kọ́. ₦165,635 ló wọ báńkì yín lánàá, bẹ́ẹ̀ ₦200,000 ló wà nínú lẹ́tà tí a fi gbà yín. Ẹ gbé ìwé owó oṣù yín síwájú, ká jọ wo ibi tí ìyókù gbà.

Òkè ìwé ni owó tó wọlé wà: Basic ₦100,000, owó ilé ₦50,000, owó ọkọ̀ ₦30,000, owó oúnjẹ ₦20,000. Ìpín yìí ní ìdí, nítorí kì í ṣe gbogbo owó ni àyọkúrò kọ̀ọ̀kan ń kàn.

Pẹ́ńṣàn, ₦14,400: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún Basic, owó ilé àti owó ọkọ̀. Owó yín ṣì ni. Iléeṣẹ́ ń fi ₦18,000, ìdá 10, kún un láti àpò ara rẹ̀, nítorí náà ₦32,400 ló gbọ́dọ̀ máa wọ àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín lóṣooṣù, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí a sanwó oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú yín wo nọ́ńbà RSA, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣàn yín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, lórí ìwé náà. Bí àṣìṣe ẹyọ kan bá wà níbẹ̀, owó yín kò ní rí ilé wọ̀, ó sì lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

NHF, ₦2,500: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún Basic nìkan, fún ètò ilé gbígbé. Ẹni tó bá ti san án fún oṣù 6 lè béèrè ẹ̀yáwó ilé.

PAYE, ₦17,465, ni owó orí, òun ló sì ń rú ènìyàn lójú jù. A sọ owó yín di ti ọdún kan, ₦2,400,000. A yọ pẹ́ńṣàn (₦172,800) àti NHF (₦30,000), ó ku ₦2,197,200. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2026 kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ₦1,397,200 tó kù jẹ́ ₦209,580. Ẹ pín in sí 12. Màgbòrò lẹ ń gbé, nítorí náà ìjọba Ògùn la ó san án fún, kì í ṣe Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkẹjà lẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kò tíì mú rìsíìtì owó ilé tí ẹ ń san fún onílé wá. Òfin gbà ká yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ẹ san lọ́dún, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ, ká tó ṣírò owó orí. Lórí ₦400,000 tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù, ₦80,000 nìyẹn. Owó orí yín yóò fi ₦1,000 dín lóṣù. Ẹ mú rìsíìtì àti ìwé àdéhùn ilé wá sọ́dọ̀ wa kó tó di 15 Oṣù Kẹrin, kó lè bá owó oṣù náà.

Ẹ̀ka Owó Oṣù