Sí gbogbo nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù: bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè àyẹ̀wò

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àìsùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì dé láàbù láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun. “Ọmọ” àti orúkọ ìyá nìkan ló wà lára méjèèjì àti lórí fọ́ọ̀mù wọn. Ìbejì ni àwọn ọmọ náà, wọn kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ tí a ó sọ wọ́n lórúkọ, ibà pọ́njú sì ń ṣe ọ̀kan nínú wọn. Níwọ̀n ìgbà tí a kò lè mọ ti Táíwò yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé, a da ẹ̀jẹ̀ méjèèjì nù, wọ́n sì tún gún àwọn ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ aláìsàn ní kíkún àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù àti sára ìgò, kí méjèèjì sì bára mu. Orúkọ nìkan kò tó ní Èkìtì níbí, níbi tí Òjó àti Àìná ti lè pé mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Fún ìbejì, ẹ kọ “Ìbejì Kìíní” tàbí “Ìbejì Kejì” mọ́ orúkọ ìyá, kí ẹ sì lo nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni kí ẹ ti kọ ọ́ sára ìgò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán; ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fo àkókò tí ẹ fa ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ ń jẹ súgà lọ nínú ìgò, ó sì lè fi ìdá 5 sí 7 nínú 100 dín ní wákàtí kan, tó bẹ́ẹ̀ tí èsì yóò fi rẹlẹ̀ ju bí súgà aláìsàn ti rí lọ. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú bóyá aláìsàn ti jẹun.

Àyè tí a ti ń kọ ohun tó ń ṣe aláìsàn ni a sábà máa ń rí lófìfo, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń tọ́ wa sọ́nà. Bí ẹ bá béèrè jẹ́nótáìpù ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lóṣù tó kọjá, tí ẹ kò sì sọ fún wa, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tó ṣì wà lára rẹ̀ lè ṣì wá lọ́nà, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Bákan náà, bí aláìsàn bá ti ń lo oògùn apakòkòrò kí ẹ tó gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún kọ́ṣọ̀, ẹ kọ orúkọ oògùn náà, kí àìrí kòkòrò má baà tàn wá jẹ.

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, a kò ní gba ìgò tí kò ní nọ́ńbà fáìlì. Bí ohunkóhun kò bá yé yín, ẹ pe láàbù kí ẹ tó gún aláìsàn. Ẹnìkan wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Èmi ni tiyín,
Olórí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àyẹ̀wò, Adó-Èkìtì