Fọ́ọ̀mù Ìwọlé sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, Sáà 2024/2025

Orúkọ, bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìdílé: Ọ̀ṣúnlàjà Adérónkẹ́ Mojísọ́lá

Ọjọ́ ìbí: 14 oṣù karùn-ún, 1998

Ìpínlẹ̀ tí o ti wá: Ọ̀ṣun

Iṣẹ́ tí ò ń ṣe: Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́, láti oṣù kìíní 2020

Ọ̀nà ìwọlé: Dáírẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńtírì, láti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì, pẹ̀lú sátífíkéètì ẹ̀n-sí-íì

Kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́: Yorùbá, Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè àti Àwọn Èdè Áfíríkà, Fákọ́tì Áàtì

Kọ́ọ̀sì kejì: Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ̀ka kan náà

Èsì Wáẹ́ẹ̀kì, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà 2014
Yorùbá: A1
Ẹ̀kọ́ Bíbélì: B2
Ìjọba: B3
Ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú rere: B3
Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: C4
Èdè Gẹ̀ẹ́sì: C5
Bàọ́lọ́jì: C6
Ìṣirò: D7
Ọrọ̀ ajé: E8

Èsì Nẹ́kò, oṣù kọkànlá sí ìkejìlá 2015
Yorùbá: B2
Èdè Gẹ̀ẹ́sì: C4
Ìjọba: C5
Ìṣirò: C6
Ọrọ̀ ajé: D7

Bí èsì bá ju ìjókòó kan lọ, sọ ìdí rẹ̀: Nítorí ìṣirò ni. Mo padà lọ jókòó sí i, mo sì rí C6. Ẹ fi èsì ìṣirò ti 2015 kún èyí tí mo ní ní 2014.

Ǹjẹ́ orúkọ rẹ bára mu lórí gbogbo ìwé? Rárá. Lórí ti Nẹ́kò, «Aderoke» ni wọ́n tẹ̀, lẹ́tà «n» ti fò. Ẹni tó bá mi forúkọ sílẹ̀ ní káfè ló ṣi í tẹ̀, èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó sanwó. Mo ti lọ búra ní kóòtù pé èmi kan náà ni. Ìwé ìbúra náà wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù yìí.

Èsì ìdánwò Jámbù, bí o bá ti ṣe é rí: 2016. Gẹ̀ẹ́sì 48, Yorùbá 63, Lítíréṣọ̀ 41, Ìjọba 39. Àpapọ̀ 191 nínú 400. Èsì yìí ni mo fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Èsì ẹ̀n-sí-íì: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, Òsíẹ̀lẹ̀, Abẹ́òkúta, 2016 sí 2019
Yorùbá: A
Ìkọ́ni nínú kíláàsì: A
Ìmọ̀ iṣẹ́ olùkọ́: B
Gẹ̀ẹ́sì: C
Ẹ̀kọ́ gbogbogbòò: C
Àpapọ̀ máàkì: 3.71 nínú 5.00, kírẹ́díìtì

Kí ló dé tí o yan kọ́ọ̀sì yìí?

Àwọn ará ilé ní kí n yan ẹ̀kọ́ òfin. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń fẹ́ fún mi, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ wà nínú kíláàsì mi.

Lọ́dún tó kọjá mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá. Mo bi wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì pé nínú ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin, èwo ló tóbi jù. Gbogbo wọn hó pé ìdá mẹ́rin ni. Ẹẹ́rin ṣáà ju ẹẹ́ta lọ. Mo gbé búrẹ́dì Agége tí mo fẹ́ fi jẹun ọ̀sán sórí tábìlì, mo wá fi Yorùbá bi wọ́n pé ta ló fẹ́ bá ẹni mẹ́ta pín in, ta ló fẹ́ bá ẹni mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè kíá: «Àǹtí, ẹ fi mí sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ni mẹ́ta o, tèmi á pọ̀ níbẹ̀.» Kò sẹ́ni tó tún ṣì í lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì mi ló bá a lọ.

Òsíẹ̀lẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé yunifásítì yín ti dán irú nǹkan yìí wò, ní ilé ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Sítífìnì ní Mọdákẹ́kẹ́ níbí, láti 1970. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan kí ìwé tó lè jáde. Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ́. Títí di òní, bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní kíláàsì, ńṣe ni mò ń hùmọ̀ tèmi, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún á sì hùmọ̀ òmíràn fún àwọn ọmọ kan náà.

Ta ni yóò san owó ilé ìwé? Èmi fúnra mi, láti inú owó oṣù àti èsúsú. Ìyá mi ní àwọn máa fi díẹ̀ kún un.

Ìwé tó wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù: èsì Wáẹ́ẹ̀kì, èsì Nẹ́kò, sátífíkéètì ẹ̀n-sí-íì, ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ìbúra kóòtù, fọ́tò méjì

Ìjẹ́rìí: Èmi Ọ̀ṣúnlàjà Adérónkẹ́ Mojísọ́lá jẹ́rìí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Bí a bá rí irọ́ nínú rẹ̀, kí yunifásítì gba àyè náà lọ́wọ́ mi.

Mọdákẹ́kẹ́, 11 oṣù kẹta, 2024