Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì wa l'Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o gbogbo ilé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe Kérésì, ọdún á yabo fún yín. Ẹ̀yin Mùsùlùmí wa, a ò tíì gbàgbé ẹran Iléyá tẹ́ ẹ gbé wá, mo ṣì ń rántí ike Alhaja àkáǹtì yẹn, ẹran díndín tí òróró ń kán lára ẹ̀, èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni mo kọ́kọ́ nawọ́ 😂 Bàbá wa onífá, àbọrúbọyè o!

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ráìsì àti ẹja tútù láti ọjà Olúwo la máa jẹ, aago 2:30 la máa bẹ̀rẹ̀, káwọn tó ń kírun Jímọ̀ ti dé. Mínírà nìkan ló wà, ẹni tó bá fẹ́ nǹkan míì kó yáa mu ún nílé ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba Itóìkín lọ sí Ìkòròdú, ẹ rọra wakọ̀ jọ̀ọ́.

Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé, àmín. Ta ló mú kúlà èṣí lọ ná? Kò tíì padà o.