Iná tó yọ lójú ọkọ̀ lónìí: kà á kí o tó yí kọ́kọ́rọ́

Àbúrò mi,

O kú ìrọ̀lẹ́ o. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá alákàrà lẹ́nu gáráàjì Wàndó, bí a ti máa ń ṣe. Jọ̀ọ́, má tíì gba èrò kankan títí o fi máa ka ìwé yìí tán. Iná mẹ́rin ló yọ lójú tábúlò lónìí. Ìkan sì wà tó yẹ kó yọ tí kò yọ. Èyí tí kò yọ yẹn ló dà mí láàmú jù, òun ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

O mọ̀ pé tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnì kò tíì ta, iná bátìrì, iná ọ́ìlì, iná bíréèkì àti iná ẹ́ńjìnì máa ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ fi ń hàn wá pé ojú wọn ṣì là ni. Tí ẹ́ńjìnì bá ta, wọ́n á kú. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, níwájú ilé Àlájà tó ni ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo sì dúró wò wọ́n. Ti bátìrì tàn, ti bíréèkì tàn, ti ẹ́ńjìnì náà tàn. Ti ọ́ìlì, èyí tó dà bíi búútà àlùwàlá tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀, kò tàn. Mo pa á, mo tún yí i. Kò tàn.

Ẹni tó bá ń kánjú kò ní rí i, torí iná tó kú kì í pe èèyàn. Ṣùgbọ́n rò ó wò: bí ọ́ìlì bá tán nínú ẹ́ńjìnì lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, iná yẹn nìkan ló máa ń kìlọ̀ fún wa. Bí òun náà bá ti kú, ariwo irin tó ń gún irin la máa kọ́kọ́ gbọ́, tí a bá sì gbọ́ ọ, ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn.

Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì kò ju ìlà ìsàlẹ̀ lọ, ó kù bíńtín kó wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ra ààbọ̀ lítà, mo dà á sí i, ó wá dé àárín ìlà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo wakọ̀ jẹ́jẹ́ lọ bá mẹkáníìkì wa. Ó yọ wáyà kúrò lórí súwíìṣì tó máa ń mọ ìtẹ̀ ọ́ìlì, ó fi ẹnu wáyà náà kan irin ara ẹ́ńjìnì, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Iná tàn! Ìyẹn ni pé gúlóòbù kò jó, wáyà kò já, súwíìṣì fúnra rẹ̀ ló kú. Ó wá yọ súwíìṣì, ó de géèjì rẹ̀ sí ojú ihò náà, ó ta ẹ́ńjìnì. Ìtẹ̀ ọ́ìlì dára, nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù àti lẹ́yìn tó gbóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí o gbé ọkọ̀ jáde lálẹ́ yìí. Súwíìṣì tuntun máa dé lọ́la, òkú yẹn la ṣì dá padà síbẹ̀ kí ihò má bàa ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, má gbójú lé iná ọ́ìlì lálẹ́ yìí rárá. Ọ̀pá ni kí o gbójú lé. Fà á kí o tó bẹ̀rẹ̀, fà á lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀gànjọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn tí o bá ti pa ẹ́ńjìnì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èkejì ni iná bátìrì. Mo kó èrò márùn-ún bọ̀ láti Kútọnú. A ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ díẹ̀ nígbà tó tàn pupa, mo sì gbọ́ tí bẹ́ẹ̀tì ké fíìn bí ọmọ ológbò. Ọ̀pọ̀ awakọ̀, tí wọ́n bá rí iná yẹn, bátìrì ni wọ́n máa lọ rà. Bátìrì kọ́. Ohun tí iná yẹn ń sọ ni pé alitanétọ̀ kò fún bátìrì lóúnjẹ mọ́. Nínú Kòròlá wa yìí, bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí alitanétọ̀, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, òun ló ń yí pọ́ǹpù tó mú sítíárìn fẹ́lẹ́, òun ló tún ń yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tútù. Tí bẹ́ẹ̀tì yẹn bá já, gbogbo wọn á dákẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé bátìrì ṣì lágbára, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú, ó máa se ẹ́ńjìnì bí ẹ̀wà kó tó dé orí afárá.

Mo pa afẹ́fẹ́ tútù, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀tì wà lórí, kò já, ṣùgbọ́n ó tutù. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn rẹ̀: omi rádíétọ̀ ni. Mo wá tan iná fóònù sí pọ́ǹpù omi, mo rí ibi tí omi pupa ti gbẹ sí lára rẹ̀ bí iyọ̀. Àṣé pọ́ǹpù ló ń sun omi díẹ̀díẹ̀, omi ń ta sórí bẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀tì ń yọ̀, alitanétọ̀ kò rí ẹni yí i. Iná bátìrì ló yọ, omi ni àìsàn. Mo wo ike omi, ó ti wọ abẹ́ ibi tí wọ́n kọ LOW sí. Abẹ́rẹ́ ìgbóná ṣì wà láàárín nígbà yẹn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo tètè dúró.

Àwọn èrò kùn díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní òun ní ìpàdé. Mo bẹ̀ wọ́n, mo dá apá kan owó wọn padà, wọ́n wọ ọkọ̀ míì. Má ṣe jẹ́ kí ojú èrò tì ọ́ láé débi tí wàá fi wa ọkọ̀ tí iná pupa tàn lójú rẹ̀.

Mẹkáníìkì nu bẹ́ẹ̀tì àti àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó fi omi rádíétọ̀ kún inú ike. Kó tó nu bẹ́ẹ̀tì, míítà ka 12,2 lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó nù ún tán, ó ka 14,1, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ṣì ń sun o. Ní agogo méje àárọ̀ ọ̀la ló máa pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí ni mo fi ní kí o má lọ Kútọnú lálẹ́ yìí. Mo ti bá Àlájà sọ ọ́, wọ́n gbà, wọ́n sì ní àwọn kò ní béèrè iye tí a máa ń san ní alẹ́ lọ́wọ́ rẹ lónìí, iye tí o bá rí ni kí o mú wá. Ṣe inú Àjàṣẹ́ nìkan, Wàndó sí Kátí, sí ọjà, kò gbọdọ̀ kọjá Àjàrá. Má tan afẹ́fẹ́ tútù. Láàárín èrò kan sí èkejì, yọjú wo ike omi. Tó bá ti lọ sílẹ̀, inú ike ni kí o ti fi kún un, gálọ́ọ̀nù omi wà nínú búùtù. Ìdérí rádíétọ̀, má ṣí i nígbà tó bá gbóná, omi inú rẹ̀ máa fò sí ọ lójú, mo ti rí ojú ẹni tó jó bẹ́ẹ̀. Tí iná bátìrì bá tún tàn tí sítíárìn sì wúwo lójijì, bẹ́ẹ̀tì ti já nìyẹn. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pa á lójú ẹsẹ̀, kí o pè mí, ì báà jẹ́ agogo mẹ́ta òru.

Iná ẹ́ńjìnì, olómi ọsàn yẹn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, o rí i, o sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, o ṣeun. Lónìí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbà tí mo fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n. Ìgbà tó bá dúró gbọin, a lè rọra wà á débi mẹkáníìkì. Tó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jó ló ń lọ sínú ẹ̀ṣọ́ọ̀sì, ó sì lè jó àpò tó ń sẹ́ èéfín níbẹ̀ bàjẹ́. Mo ká ẹsẹ̀ sókè, ó dáwọ́ ṣíṣẹ́jú dúró. Ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù gbé èyí jáde:

```
P0302
```

Òǹkà 2 tó gbẹ̀yìn yẹn, sìlíńdà kejì ni. Èmi ti kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan epo kpáyò tí a rà lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ká ní epo ni, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá máa wúkọ́, kò ní mú ẹyọ kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì gbé kọ́ìlì sìlíńdà kejì sórí ìkẹta, ó gbé ti ìkẹta wá sí ìkejì, ó pa kóòdù rẹ́. Iná ti kú báyìí. Tó bá padà tàn lọ́wọ́ rẹ, inú mi á dùn, torí lọ́la a máa tún un kà: tó bá di P0303, kọ́ìlì ló bàjẹ́, a ra ẹyọ kan, ó parí. Tó bá ṣì jẹ́ P0302, bùjí la máa yọ wò. Kọ agogo tó tàn àti ohun tí o ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà.

Mo ti bá awakọ̀ kan ṣiṣẹ́ nígbà kan tó lẹ téépù dúdú mọ́ iná yìí kí èrò má bàa rí i. A jọ fi ọwọ́ ti ọkọ̀ yẹn ni. Bí èrò bá ní kí o wá nǹkan bò ó, dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má bò ó.

Iná bíréèkì pupa tàn nígbà tí mo bá ń ya sọ́tùn-ún. Mo kọ́kọ́ rò pé bíréèkì ọwọ́ ni kò wálẹ̀ tán. Epo bíréèkì ló ti sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ MIN, tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iná á tàn. Kò sí ibi tó ń jò, mo wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páàdì iwájú ti fẹ́ tán, pàápàá tòsì, ìdí tí epo fi sọ̀ nìyẹn. A ti fi DOT 3 kún un, ṣùgbọ́n páàdì kò tíì yí padà, ọ̀la náà ni. Kí o tó kúrò ní gáráàjì, tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá rọ̀ bí òṣùká lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, tàbí tí iná pupa yẹn bá padà, má fi epo kún un kí o sì máa lọ. Gbé ọkọ̀ sílẹ̀, sùn.

Ti ABS tàn lẹ́yìn tí mo la ọ̀gbàrá kọjá, ó kú, ó tún tàn. Wáyà táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ni mo fura sí. Bíréèkì ṣì ń mú, ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ tí o bá tẹ̀ ẹ́ pa, táyà lè dúró kí ọkọ̀ máa yọ̀. Jẹ́ kí àyè wà láàárín ìwọ àti ọlọ́kadà iwájú rẹ.

Owó tí mo ná: ọ́ìlì 1 500 fràǹkì, omi rádíétọ̀ 2 000, epo bíréèkì 1 000. Rìsíìtì wà nínú àpò ilẹ̀kùn, má jẹ́ kó sọnù, Àlájà máa béèrè. Ẹ́sáǹsì kọjá ìdajì díẹ̀. Táyà ìrọ́pò ní afẹ́fẹ́, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yìn ìwé yìí ṣófo, kọ tìrẹ síbẹ̀. Màá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní agogo méje kù díẹ̀, gbé e wá bá mi níbẹ̀, má gbé e lọ sílé Àlájà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, ti ọ̀sán