Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́: ẹni tí ẹ ó kọ̀wé sí

Ẹ ǹlẹ́ o,

Mo fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, 2025. Ẹnikẹ́ni kì í ka àpótí yìí mọ́, lẹ́tà yín kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé owó: Bùkọ́lá, sisanwo@ileise.example. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé owó sí àkọlé lẹ́tà, kí ó má baà pẹ́.

Àdéhùn, tuntun tàbí èyí tó ń lọ lọ́wọ́: Ṣẹ́gun, adehun@ileise.example. Gbogbo fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí lẹ́tà kan bá ní èmi ni mo pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì, irọ́ ni; ẹ pe Bùkọ́lá kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ṣeun fún àjọṣe wa.

Adékúnlé