Ta Ló Ni Ìpinnu? Ìtàn Mẹ́ta fún Ìjíròrò Àwọn Dókítà àti Nọ́ọ̀sì

A kọ àwọn ìtàn yìí fún àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Kò sí aláìsàn gidi kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ojú wọ́ọ̀dù kò rí rí. Kí kálukú kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ka àlàyé tó tẹ̀ lé ìtàn, nítorí ẹni tó bá ti gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn kì í rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ì bá ṣe.

Ìtàn kìíní: Ẹsẹ̀ bàbá

Bàbá ẹni ọdún 71 kan, tó ti ta pákó ní Láfẹ́nwá kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì, ní àtọ̀gbẹ. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti dúdú, dúdú náà ti gun òkè dé ọrùn ẹsẹ̀, ibà sì ti wọ ọ́ lára. Oníṣẹ́ abẹ ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún kí oró tó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Láàárọ̀, bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mu ẹ̀kọ, ó mọ ọjọ́ tí a wà, ó sì sọ pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́. Bí ẹ ò bá gé e, mo lè kú. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí wọ́n sin mí ní àbọ̀.” Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ó ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pe nọ́ọ̀sì, ó ń fa okùn omi tó wà lápá rẹ̀ tu. Nígbà tí dókítà alẹ́ tún bi í léèrè, ó ní: “Ẹ gé e, ẹ gé e, kí n lè tètè dé ọjà.” Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ti mú gègé lọ́wọ́ láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Àbúrò obìnrin náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá àwọn.

Ẹ ó gé e, tàbí ẹ ò ní gé e?

Àwọn kan yóò dúró lórí ọ̀rọ̀ àárọ̀. Ní ọdún 2001, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà gbà pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, kódà bí kíkọ̀ náà bá lè yọrí sí ikú. Ẹjọ́ náà jẹ́ ti dókítà kan tó tẹ̀lé ìpinnu aláìsàn tó kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀. Bàbá yìí lóye ohun tí a sọ, ó rántí rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n wò, ó sì sọ ìdí tí òun fi kọ̀. Bẹ́ẹ̀ni ti alẹ́, ní tirẹ̀, kì í ṣe ìyọ̀ǹda rárá. Ibà ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní a kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ àárọ̀ náà tán. Ṣé ẹsẹ̀ gan-an ni bàbá ń kọ̀, tàbí kí ẹsẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀? Mọ̀lẹ́bí lè gba ẹsẹ̀ tí a gé, kí wọ́n sì sin ín sí ilé. Bí kò bá sí ẹni tó sọ èyí fún un, ó ti kọ̀ láìmọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀.

Èmi fara mọ́ àwọn tó ń lọ bá a láàárọ̀ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ṣúgà rẹ̀ tí oògùn apakòkòrò sì ti wọ ara rẹ̀ díẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ láti gbọ́, kì í ṣe láti pinnu fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àárọ̀ kan lè jẹ́ àárọ̀ tó pọ̀jù fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ nínú ara yín: ìgbà tí aláìsàn bá kọ̀ ni a máa ń béèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Bí ó bá ti gbà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè mọ́.

Ìtàn kejì: Jẹnotáìpù ọmọ

Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá kan wọ ilé ìwòsàn pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wú bí búrẹ́dì tí omi rẹ. Àyẹ̀wò fi hàn pé SS ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́ AS. Ọkọ rẹ̀ yọ káàdì kan nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì: AA ni, wọ́n ṣe é fún ìgbéyàwó. Ó ní: “Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ṣe tèmi tuntun, nítorí wọ́n ní lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni àrùn yìí ti ń wá.” Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì; AA ló jáde. Ọmọ náà kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni rí tí ì bá da èsì rẹ̀ rú. Kí wọ́n tó fún ọkùnrin náà ní èsì, ìyá ọmọ wá sẹ́yìn kọ́ńtà, ó rọra sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé AS ni. Ó máa lé mi jáde.”

Èsì ọkùnrin náà, tirẹ̀ ni. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí aláìsàn mọ ipò ìlera rẹ̀, òfin kan náà sì ní kí a pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́. Ẹni tó bá fún un ní AA láìsọ ohun mìíràn kò tíì tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ìṣirò náà ń lọ. Dókítà mìíràn yóò ní ó yẹ kí a ti kọ àyẹ̀wò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìtọ́jú ọmọ kò nílò rẹ̀. Òtítọ́ ni, ó kàn ti pẹ́. Ẹlòmíràn yóò bẹ ọkùnrin náà pé kó padà wá lọ́la, kí òun dókítà lè bá ìyá ọmọ jókòó lálẹ́ yìí, kí òun sì mọ̀ bóyá ewu wà nínú ilé. Mo lè gbèjà ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn.

Èyí tí mi ò lè gbèjà ni pé kí a kọ AS sórí ìwé. Yàtọ̀ sí irọ́ tó wà nínú rẹ̀, ó ní ewu tí àánú kì í jẹ́ ká rí: tọkọtaya náà yóò máa bẹ̀rù pé ọmọ kan nínú mẹ́rin lè jẹ́ SS, wọ́n lè má bí mọ́, nígbà tó jẹ́ pé AA àti AS kì í bí SS. Ọkùnrin náà yóò sì gbé AS náà lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ti béèrè.

Ìtàn kẹta: “Ẹ dúró de ọkọ mi”

Aboyún ẹni ọdún 29 ti rọbí láti àná. Ìlù ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Òfin kò béèrè ìfọwọ́sí ọkọ, obìnrin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ti fi Yorùbá ṣàlàyé fún un dáadáa. Síbẹ̀ ó ní: “Ẹ dúró de ọkọ mi. Ohun tó bá wí ni èmi náà wí.” Ọkọ wà ní Èkó, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìyá ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n bí ọkọ náà fúnra rẹ̀ láìsí ọ̀bẹ.

Ẹni kan lè ní gbígbé ìpinnu fún ọkọ jẹ́ ìpinnu tirẹ̀, kí a bọ̀wọ̀ fún un. Ẹlòmíràn lè ní ìbẹ̀rù ìyá ọkọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tún bi í léèrè ní òun nìkan. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, ó ní: “Àǹtí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?”

Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ ó fi dá a lóhùn.